Ìtìjú kì í san gbèsè: ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa, ní Àbújá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀lù ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Alága wa, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti wà nídìí ààrò láti ìdájí, ọwọ́ yín kò ní í rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Nyanya àti Mararaba, a mọ ohun tí ọ̀nà yẹn ń fojú èèyàn rí, ẹ kú ewu.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtìjú. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti kékeré pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ǹjẹ́ mo wá láti bá àwọn àgbà jiyàn? Rárá o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú yìí ni pé mo máa ń jókòó ti àwọn tọkọtaya àti àwọn tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Ohun tí ojú mi ń rí nídìí iṣẹ́ náà ni pé àwọn tí ìtìjú bá jù lọ kì í sábà ṣe àwọn tó ń tún ìwà wọn ṣe. Àwọn ló ń pa fóònù. Àwọn ló ń kó kúrò ládùúgbò. Kí ló dé? Ìyẹn ni mo fẹ́ ká jọ wádìí lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pín sí méjì. Ẹnì kan ṣe ohun tí kò dára. Ọkàn rẹ̀ lè sọ fún un pé, “Ohun tí mo ṣe yìí burú.” Ọkàn rẹ̀ sì lè sọ fún un pé, “Èmi yìí burú.” Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà kan, ìwà tó ní ọjọ́, tó ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, tó sì lẹ́ni tó pa lára. Gbólóhùn kejì kò mọ ọjọ́, kò mọ ibi, odidi ènìyàn ló ń dá lẹ́jọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọkàn ń dá ni lẹ́bi ni. Ti kejì ni ìtìjú tí mo ń bá wí lónìí. Obìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, Helen Block Lewis, ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1971, ibẹ̀ sì ni àwọn tó tẹ̀lé e ti ń bá a lọ.

Ní 1994, Paula Niedenthal àti June Tangney, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, pẹ̀lú ẹnì kẹta wọn ní kí àwọn ènìyàn rántí ohun kan tó ti tì wọ́n lójú rí, kí àwọn mìíràn sì rántí ohun tí ọkàn wọn dá wọn lẹ́bi lé lórí. Wọ́n wá ní kí kálukú parí gbólóhùn yìí: “Ká ní…” Àwọn tí ọkàn dá lẹ́bi máa ń sọ pé, “Ká ní n kò ṣe bẹ́ẹ̀.” Àwọn tí ojú ń tì máa ń sọ pé, “Ká ní n kì í ṣe irú ènìyàn báyìí.” Ẹ gbé méjèèjì wò. Ẹni tó ní ká ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ ti ń wo ohun tó lè ṣe lọ́tọ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó ní ká ní òun kì í ṣe irú ènìyàn yìí, kí ló fẹ́ ṣe lọ́la? Ta ló lè lọ pààrọ̀ ara rẹ̀ lọ́jà? Bí kò bá sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí ọ̀ràn, ohun tó kù fún un ni kó fi í pamọ́.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí o, ẹ má wojú ara yín. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n máa sọ ọ́. Akápò ni mo máa pè é, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nìyẹn.

Ogún ènìyàn ló ń dá àjọ. Kálukú ń mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà wá lóṣooṣù, ẹnì kan á sì kó 600,000. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, àwọn tó ń ta aṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa takisí náà wà níbẹ̀. Akápò yìí kì í ṣe olè. Ó ti ń ṣe é fún ọdún mélòó kan, náírà kan kò sì sọnù rí. Oṣù kẹsàn-án dé, iléèwé wọlé, wọ́n dá ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà láti ẹnu ọ̀nà nítorí owó iléèwé. Owó àjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú 180,000 níbẹ̀, ó ní tí owó oṣù bá ti wọlé, òun á dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́ ìkówó pé. Ìyá tó kàn láti kó gba 420,000 dípò 600,000. Ó béèrè ìyókù. Akápò ní, “Ẹ má bínú, ìyá, àwọn mẹ́fà ni kò tíì san.” Ìyá náà ní, “Àwọn wo?” Ó sì dárúkọ àwọn mẹ́fà. Mẹ́fà tó ti san tiwọn láìjẹ́ gbèsè kọ́bọ̀!

Ẹ fi àwọn mẹ́fà yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Oṣù kẹwàá, ó mú nínú owó tuntun fi dí ti ìyá yẹn. Ẹni tó kàn ní oṣù kẹwàá náà wá rí i pé tiwọn kò pé. Ihò kan náà ni, ó kàn ń ṣí kiri láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò o. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo gbèsè Akápò kò ju 180,000 lọ. Bó bá pe alága sí kọ̀rọ̀, tó ní òun á máa san 40,000 lóṣooṣù, kó tó di oṣù kẹta ọdún tuntun, ó ti san án tán. Owó oṣù rẹ̀ sì gbé 40,000, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ṣírò rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kí ló wá dí i lọ́wọ́? Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà alága, ohun kan náà ló máa ń sọ sí òun lọ́kàn: “Wọ́n á mọ irú ẹni tí mo jẹ́.” Kò sọ pé wọ́n á mọ ohun tí òun ṣe. Irú ẹni tí òun jẹ́ ló sọ.

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó lórí fóònù láti fi dí ihò náà. Ó yá ti ápù kan, ó fi èkejì san àkọ́kọ́, ó fi ẹ̀kẹta san èkejì, ihò àjọ kò sì dí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló dẹ́kun àti máa wá sípàdé. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, nítorí méjì nínú àwọn tó ń dájọ jẹ́ ọmọ ìjọ. Ní oṣù kejìlá, kò lọ sílé ọdún, ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé wọ́n kò fún òun láyè níbi iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, ó ti kó ẹbí rẹ̀ kúrò ní Kubwa lọ sí Mararaba, ó sì ti yí káàdì fóònù padà. Nígbà tí a wá jókòó ká a, gbèsè àjọ ṣì jẹ́ 180,000 bó ṣe wà láti oṣù kẹsàn-án. Gbèsè orí fóònù ti di 230,000. Ẹ̀yin ará mi, owó tí ìtìjú dá sílẹ̀ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mú lọ!

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ lọ́kàn pé ìwà ọ̀bàyéjẹ́ ni, kì í ṣe ìtìjú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wo àwọn tí kò tíì gbọ́n tó láti jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́ rárá. Àwọn ọmọ ọdún méjì.

Ní 1993, Karen Barrett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé ọmọláńgidi kan fún ọmọ kékeré, wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ọmọláńgidi yẹn jẹ́ ààyò ẹni tó ni ín, onítọ̀hún sì fi ọmọ sílẹ̀ láti máa ṣeré. Wọ́n ti ṣe ọmọláńgidi náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè já tí ọmọ bá ń fi ṣeré. Ẹsẹ̀ já lóòótọ́. Kí ni àwọn ọmọ náà ṣe nígbà tí ẹni tó ni ín padà dé? Àwọn kan ń wá bí wọ́n á ṣe tún un ṣe, wọ́n sì tètè jẹ́ kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn yẹra fún un, wọn kò fẹ́ sún mọ́ ọn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan já. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn o. Kò sí èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ já a. Síbẹ̀, àwọn kan sún mọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àwọn kan sá fún un.

Èyí tó ń sá yẹn, ṣé ọmọ burúkú ni? Ọmọ ọdún méjì! Ṣé kò bìkítà ni? Bí kò bá bìkítà, kò ní í sá. Ibi tí a ti ń ṣi àwọn ènìyàn wa gbọ́ nìyí. Bí ẹnì kan bá jẹ wá lówó tó sì ń fara pamọ́, a máa ń rò pé ojú kò tì í rárá. Ojú ń tì í ju bí ẹ ṣe rò lọ, òun gan-an ló ń lé e kiri.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́fà tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti Akápò, ní ilé wọn ní Mararaba, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ń fi èékánná họ ara ìgò mínírà tí wọ́n gbé síwájú mi, títí tí bébà ara rẹ̀ fi ṣí kúrò pátápátá. Mo bi í pé, “Ta ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù?” Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: “Èmi ni. Orúkọ mi ti bàjẹ́. Mi ò lè wọ Kubwa mọ́. Àwọn ọmọ mi á máa gbọ́ ọ.” Mo tún bi í, “Ta ló tún dùn?” Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó mi.” Mo tún bi í. Kò rí ẹlòmíràn sọ.

Àwọn mẹ́fà yẹn ti ń jẹ ìyà ẹ̀sùn láti oṣù kẹsàn-án. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ, kò rí ẹni tó máa tajà fún un láwìn mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, torí wọ́n ní kì í san owó. Ó ti pàdánù ju 30,000 lọ. Akápò mọ ìyá yìí, ó ti jẹ ẹja rẹ̀ rí. Síbẹ̀, nínú gbogbo oṣù tó fi ń sá kiri, kò rántí rẹ̀ rárá. Kì í ṣe torí pé ọkàn rẹ̀ le. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ ni. Ìtìjú máa ń jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ di ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn jù, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sì ṣá kúrò lójú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́kàn ẹnì kan, yálà ọkàn ń dá a lẹ́bi ni tàbí ojú ń tì í lásán, ẹ béèrè pé ta ló pa lára. Ẹni tí ọkàn dá lẹ́bi á dárúkọ ènìyàn. Ẹni tí ojú ń tì á dárúkọ ara rẹ̀. Ẹkún nìkan kò ṣeé fi mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì ló ń sunkún.

Ohun kejì tí ìtìjú máa ń ṣe nìyí, èyí sì léwu. Tí fífarapamọ́ kò bá ṣeé ṣe mọ́, yóò yí ẹ̀bi sórí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí a bá lé ajá kan ògiri, á padà bu ni jẹ. Nígbà tí alága kọ́kọ́ rí Akápò ní ibùdókọ̀ Nyanya, níwájú àwọn ènìyàn, tó pariwo pé, “Olè! Ó ti mú owó wa jẹ!”, kí ni Akápò ṣe? Ó ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ń pe ara yín ní alága, ẹ kì í wo ìwé. Ká ní ẹ ń ṣàyẹ̀wò owó lóṣooṣù, ṣé èyí á ṣẹlẹ̀?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí iléèwé tó lé ọmọ, ó bínú sí ìyàwó pé ó fẹ́ iléèwé olówó ńlá, ó bínú sí ìjọba. Díẹ̀ nínú ohun tó sọ jẹ́ òótọ́. Ìwé náà, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò tó sọ ọ́. Ìbínú rọrùn ju ìtìjú lọ fún ọmọ ènìyàn, torí ẹni tó ń bínú ń nàró, ẹni tí ojú ń tì ń tẹ̀ ba.

June Tangney tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú Jeffrey Stuewig àti Andres Martinez, tọ ipa ẹ̀rí èyí lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ó lé ní 400 ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àhámọ́, wọ́n sì tún wá wọn lọ ní ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Kí ni wọ́n rí? Àwọn tí ọkàn wọn máa ń dá lẹ́bi kò fi bẹ́ẹ̀ padà sídìí ìwà ọ̀daràn. Ti ìtìjú ṣòro díẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ níbí, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sọ pé mo ní ìtìjú kò wúlò rárá. Ẹni tí ìtìjú rẹ̀ bá mú kó máa dẹ́bi fún ẹlòmíràn, òun ló máa ń padà sídìí ìwàkiwà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú tì tí kò sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, ìtìjú a máa dá a dúró. Ẹ ò rí i pé ohun tó ń pani níbẹ̀ ni ẹ̀bi tí a ń jù kiri? Àwọn onímọ̀ mìíràn náà ti fi hàn pé bí ẹni tí ojú ń tì bá rí i pé ọ̀nà àtúnṣe wà lóòótọ́, tó sì sún mọ́ ọn, ó lè tọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nínú ẹgbẹ́ ni pé: ṣé a ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, tàbí ògiri nìkan la fi yí i ká?

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba àwọn tó ti sọ ìtìjú di òwò. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ yá owó lórí fóònù, wọ́n ti da gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín kọ kí ẹ tó gba náírà kan. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, sí àna yín, sí pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù yín, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀daràn ni yín. Ní 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú rẹ̀. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tó fi Àbújá níbí ṣe ibùjókòó, gbé ìlànà jáde tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ìwà náà kò tíì tán. Lójú tèmi, ìkà ni. Ẹ sì wo ohun tó mú jáde lára Akápò. Ọjọ́ tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ó yí káàdì fóònù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni alága tó ń wá a lọ́nà pẹ̀lẹ́ kò fi rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó dójú tì í kò gba owó, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Àbújá yìí náà sì ń dá kún un. Nílé, bí èèyàn bá ṣẹ̀, ìyá arúgbó kan á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní í kúrò títí yóò fi jáde. Níbí, ẹ lè gbé inú ọgbà kan fún ọdún kan kẹ́ ẹ má mọ orúkọ ẹni tó wà nílé kejì. Ẹni tó bá fẹ́ sá pamọ́ kò ní láti lọ jìnnà. Bákan náà ni àwọn tó wà nílé rò pé gbogbo ọmọ Àbújá ló ń jẹun pẹ̀lú mínísítà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olówó lábúlé, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ gbèsè 180,000?

Ó dáa. Báwo wá ni wọ́n ṣe yọ Akápò nínú ihò? Alága ti gbọ́ ìmọ̀ràn. Kò pè é sípàdé gbogboogbò. Òun, bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àti èmi la lọ bá a nílé, ìyàwó rẹ̀ jókòó. Alága tọrọ pé kó má bínú sí ariwo Nyanya. A kò béèrè “Kí ló dé tó o fi jẹ́ irú ènìyàn báyìí?” Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn, ṣe ló ń ti ènìyàn padà sínú òkùnkùn. A béèrè ohun tó ní ìdáhùn. Èló lo mú? Ọjọ́ wo lo mú un? Kí lo sọ fún ẹni tó fẹ́ kówó? Orúkọ àwọn wo lo dá? A kọ ọ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ibi orúkọ kẹrin ni ó ti dúró, tó fi ọwọ́ bo ojú. Orúkọ ìyá ẹlẹ́ja ni. Ó ní, “Mi ò tilẹ̀ rò ó kan ìyá yìí rí.” Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń kúrò lára rẹ̀, ó ti ń rí ènìyàn.

Àdéhùn tó tẹ̀lé e kò le. Ó á máa san 40,000 lóṣooṣù fún àjọ títí yóò fi pé, bàbá àgbà yẹn ló máa ń gbà á. Ní ti gbèsè orí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin ló san án lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ó tọ àwọn mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, alága kà á sétí ìpàdé pé àwọn mẹ́fà yẹn kò jẹ gbèsè rí, kí orúkọ wọn lè mọ́ níbi tó ti dọ̀tí. Wọn kò gbé ipò akápò padà fún un, kò sì yẹ kí wọ́n gbé e padà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ nínú àjọ, ó ń dá tirẹ̀ bí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, ènìyàn méjì ló ń fọwọ́ síwèé kí owó tó jáde. Ẹ ò rí i pé ohun tó fi ìbínú sọ lẹ́ẹ̀kan wúlò nígbà tó di ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́?

John Braithwaite, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Ọsirélíà, kọ̀wé lórí irú nǹkan yìí ní 1989. Ó ní ìbáwí tó bá ta ènìyàn nù ń sọ ọ́ di ọ̀daràn sí i, ìbáwí tó bá sọ ohun tó burú ní gbangba tó sì gba ènìyàn padà ló ń tún un ṣe. Àwa ti mọ̀ ọ́n kó tó kọ ọ́: ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé nílùú tí a wà yìí, a ṣì ń lo ọwọ́ òsì dáadáa, a sì ti gbàgbé ọwọ́ ọ̀tún sílé. Àwọn àgbà tún ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti kúnlẹ̀, ta ló ń ní kó dìde? Bí a bá fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, yóò dìde fúnra rẹ̀, kò sì ní í wá mọ́.

Kí n má gbàgbé, ìdálẹ́bi ọkàn náà ní ààlà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń dẹ́bi fún ara wọn lórí ohun tí ọwọ́ wọn kò ṣe: ọmọ tó kú lẹ́yìn àìsàn, ọkọ tó ń lu wọ́n. Níbi tí kò bá sí ìwà tí èèyàn hù, kò sí ohun tó lè tún ṣe, ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìtìjú mọ́. Irú wọn kò nílò àdéhùn, ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ẹjọ́ wọn kọ́ ni wọ́n nílò.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kan kí n tó jókòó. Ìyá kan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ọmọ òun, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà nínú báàgì òun. Àǹtí rẹ̀ ní kí wọ́n kọ “olè” sí i láyà, kó dúró sẹ́nu géètì kí gbogbo ọgbà rí i, kò ní í ṣe é mọ́. Ìyá ní ṣé kí òun ṣe é.

Ìyá mi, ẹ má ṣe é. Yóò tún ṣe é, ẹ kàn kò ní í mọ̀ ni. Ohun tí ó máa kọ́ lẹ́nu géètì ni bí èèyàn ṣe ń mú nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í rí i. Ẹ pè é wọ yàrá lálẹ́ òní, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ má pè é ní olè. Ẹ sọ ohun tó ṣe: “O mú ẹgbẹ̀rún méjì nínú báàgì mi lọ́jọ́rú.” Ẹ sọ ohun tó dá sílẹ̀: owó tí ẹ fẹ́ fi ra gáàsì ni, ẹ sì lọ yá a lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ tán, torí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́ ọn níléèwé. Kó wá san án. Bí ẹ bá ń fún un ní igba náírà lójúmọ́ fún ìpápánu, ẹ gba ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ fún ogún ọjọ́ iléèwé, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á lé yín lọ́wọ́ láràárọ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan. Lọ́jọ́ tó bá san ọgọ́rùn-ún tó kẹ́yìn, ẹ sọ fún un pé ó ti tán. Tí àǹtí rẹ̀ bá tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún àǹtí pé ó ti san án.